A-béèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wo lo béèrè?

"A-béèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò béèrè ló ń pa ara rẹ̀ níyà." Nígbà tí mo pa òwe yìí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Bódìjà, ó ní, "Àǹtí, mo béèrè o!"

Lóòótọ́ ló béèrè. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá òun lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá gbà, nítorí Àkóbọ̀ tí ọmọ náà ń gbé ló wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù lọmọ ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní ọjọ́ kejì tó débẹ̀, kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kó wọlé mọ́. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ti rí i pé òkèèrè ni ẹni tó ń wọlé wà, ó sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn bí ẹni ti olè síta. Owó oṣù àwọn èèyàn pẹ́, ọ̀gá sì fa ìbínú yọ.

Ẹni tó dé Ìwó Róòdù tó ń béèrè ọkọ̀ láì dárúkọ ìlú, ọkọ̀kọ́kọ̀ ni wọn yóò tì í sí. Orílẹ̀-èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí òfin ibẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ lè ṣiṣẹ́ rárá. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá gba físà àlejò lọ sí Ìlú Ọba lè máa ṣiṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tó wà nílé látibẹ̀, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló bá lọ. Kò gbọdọ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ má gbé òfin yìí lọ sí ilẹ̀ mìíràn o, ti kálukú yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni òwe kejì ti wọlé: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá jẹ́ iṣẹ́, ìgbà wo lẹ fẹ́ gbọ́mọ jó? Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó fi díẹ̀ nínú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kún un.

Lẹ́tà tó tún kọ sí ọ̀gá rẹ̀ fún ìrìnàjò oṣù Kejìlá yàtọ̀. Ó kọ Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àlọ àti àbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ìsinmi, mẹ́wàá tó kù jẹ́ iṣẹ́. Ó ní aago méje àárọ̀ ibẹ̀ lòun yóò máa bẹ̀rẹ̀, nítorí aago mẹ́jọ ti lù n'Íbàdàn nígbà náà. (Tòróńtò ni, aago méjì òru ni ìbá máa jí!) Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìkan ni yóò lò. Ìwé owó oṣù, tí orúkọ àti nọ́ńbà báǹkì àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, yóò wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ títí yóò fi dé.

Ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tó fi kún un ni pé kó sọ fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà kó tó wọ bàálù.