Páswọ́ọ̀dù Tí Ẹ Fi Ti Ṣíìtì Kò Ní Kí Fọ́múlà Má Bàjẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lo Excel gbà ni pé, tí wọ́n bá ti tẹ Protect Sheet, tí wọ́n sì fi páswọ́ọ̀dù sí i, fọ́múlà inú ṣíìtì náà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹni yòówù kó máa kọ nǹkan síbẹ̀, ìṣirò á dúró bó ṣe wà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò ní lè tẹ nǹkan lé fọ́múlà lórí, kò sì ní lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n inú àpótí mìíràn ni fọ́múlà ti ń ka nọ́ńbà tó fi ń ṣírò, àwọn àpótí yẹn gan-an lẹ sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé, láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ páswọ́ọ̀dù yín.

Ẹ jẹ́ ká fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní ìlú Ọ̀yọ́ ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì kan náà: ọ̀kan fún Akẹ̀sán, ọ̀kan fún Sábó, ọ̀kan fún Òwódé. Iye owó tíkẹ́ẹ̀tì kan, ₦200, wà nínú B2. Àkọlé àwọn òpó wà ní ìlà 4, àkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 5 dé ìlà 34. A ni ọjọ́, B ni ọjà, C ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, D ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn, E ni iye tó bàjẹ́. F ń ṣírò owó tó yẹ kó wọlé, G ni owó tí wọ́n san, H ń ṣírò ìyàtọ̀, I sì wà fún àlàyé. Òṣìṣẹ́ Akẹ̀sán ta tíkẹ́ẹ̀tì 101 sí 200, mẹ́rin bàjẹ́, ó ku 96, owó tó yẹ kó wọlé jẹ́ ₦19,200. Tó bá san ₦18,800, H á fi ₦400 hàn. Fọ́múlà tí ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ sínú F5 nìyí:

```
=(D5-C5+1-E5)*$B$2
```

Ẹ ti B2, F àti H pa, ẹ ṣí ìyókù sílẹ̀, ẹ fi páswọ́ọ̀dù sí i. Ó dà bíi pé iṣẹ́ ti parí.

Ní àárọ̀, òṣìṣẹ́ Akẹ̀sán ṣèèṣì tẹ 101 sínú C6, tó jẹ́ ìlà Sábó, dípò C5. Ó rí i, ó sì ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀: ó tẹ Ctrl+X lórí C6, ó lọ sí C5, ó tẹ Ctrl+V. Lójú ẹsẹ̀, F5 yí padà di #REF!, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ náà sì di #REF!. Ìyẹn gan-an ṣì sàn, nítorí pé ojú rí i. Ohun tí ojú ò rí ni pé fọ́múlà F6, tó ń ka C6 tẹ́lẹ̀, ti wá ń ka C5. Tí òṣìṣẹ́ Sábó bá kọ 400 sí D6 àti 2 sí E6 fún ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 301, Excel á fi 101 ti Akẹ̀sán yọ kúrò nínú 400 rẹ̀. Yóò kọ ₦59,600 dípò ₦19,600. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan á wá di ẹni tó ń jẹ ọ́fíìsì ní ₦40,000, fọ́múlà tí ẹ sì ti pa ló kà á sí i lọ́rùn.

Ìdí rẹ̀ kò le. Nínú Excel, gígé kì í ṣe dídà kọ. Tí ẹ bá gé àpótí kan lọ síbòmíràn, Excel gbà pé àpótí náà ló ṣí lọ, gbogbo fọ́múlà tó ń kà á á sì tẹ̀ lé e lọ síbi tó ṣí sí. Fọ́múlà tó ń ka ibi tó bọ́ lé lórí kò ní ibi tó máa kà mọ́, òun ló ń di #REF!. Ohun tí Protect Sheet ń yẹ̀ wò ni bóyá àpótí tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. C5 àti C6 ṣí sílẹ̀, nítorí náà kò sọ̀rọ̀. Excel fúnra rẹ̀ ló tún fọ́múlà inú àpótí tí ẹ tì kọ, ìdènà kankan ò sì sí fún un. Kéèyàn fi máòsì di etí àpótí mú, kó sì wọ́ ọ lọ, ohun kan náà ni.

Èyí tó burú jù ni kí òṣìṣẹ́ gé nọ́ńbà láti C lọ sí I, pé kó máa bá àlàyé gbé. Fọ́múlà kankan kì í ka I, nítorí náà #REF! kankan ò ní jáde. F ìlà yẹn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka I láìpariwo, ohun tó bá wà nínú C kò sì ní kan owó mọ́. Ctrl+Z lè tún un ṣe tí wọ́n bá tètè rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa fáìlì náà dé, ẹni tó ní páswọ́ọ̀dù nìkan ló lè tún un kọ.

Kò sí ohun kan nínú Protect Sheet tó ń sọ pé kẹ́nikẹ́ni má gé nǹkan. Nítorí náà, fọ́múlà ni kí ẹ kọ lọ́nà tí gígé kò fi ní mú un. Dípò kó máa pe àpótí kan lórúkọ, ẹ jẹ́ kó máa pe gbogbo òpó, kó sì mú èyí tó wà ní ìlà tirẹ̀:

```
=IF(COUNT(INDEX($C:$C,ROW()),INDEX($D:$D,ROW()))<2,"",
(INDEX($D:$D,ROW())-INDEX($C:$C,ROW())+1
-INDEX($E:$E,ROW()))*$B$2)
```

Ó gùn lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa kọ ọ́. `$C:$C` dúró fún odindi òpó C. Ẹ gé àpótí kan nínú rẹ̀ lọ síbi tó wù yín, òpó náà ò lọ síbì kankan. B2 ò nílò irú ààbò yìí, torí pé òun fúnra rẹ̀ wà ní títì, kò sì sí ẹni tó lè gé e. COUNT tó wà níwájú ń rí i dájú pé nọ́ńbà wà nínú C àti D kó tó ṣírò. Tí ẹnì kan bá tẹ lẹ́tà O síbi tó yẹ kó tẹ òdo nínú C tàbí D, F á ṣófo. Ohun mìíràn tún wà tó wúlò níbẹ̀: láti F5 dé F34, fọ́múlà náà bára mu lẹ́tà fún lẹ́tà, kò sí èyí tó ní nọ́ńbà ìlà nínú. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú bọ́tìnnì ` tó wà lókè Tab kí fọ́múlà lè hàn. Èyí tó bá yàtọ̀ á hàn kedere. Ti H5 kúrú:

```
=IF(F5="","",F5-INDEX($G:$G,ROW()))
```

Àròpọ̀ ní àrékérekè tirẹ̀. `SUM(G5:G34)` kò ní yí padà tí wọ́n bá gé àpótí àárín, àmọ́ tí wọ́n bá gé G5 tàbí G34 tó wà létí, ibi tí àròpọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí lè yí padà. Ẹ fi ìlà 35 sílẹ̀ lófìfo, kó sì wà ní títì, ẹ wá kọ `=SUM(G4:G35)` sínú G36. G4 jẹ́ àkọlé, SUM kì í ka ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ ti wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò lè gé.

Ìṣòro kejì ni pé títì àpótí jẹ́ ara ìrísí rẹ̀, bíi àwọ̀ àti bọ́dà, ó sì máa ń bá ìrísí rìn. Tí òṣìṣẹ́ bá da àpótí kan kọ láti inú fáìlì mìíràn, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ D7, títì inú fáìlì yẹn máa bá a wá, nítorí pé gbogbo àpótí inú fáìlì tuntun ló wà ní títì láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, D7 ò gbà á láàyè mọ́ láti tún un ṣe. Àpótí tí wọ́n gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀ náà máa ń padà sí ìrísí àtilẹ̀bá, ìyẹn ni pé ó ti di títì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí àwọ̀ ibẹ̀ bá pòórá, tí òṣìṣẹ́ sì ń pariwo pé «Ọ̀gá, kò gbà á mọ́ o». Ìtọ́ni tí ẹ máa fún wọn ò ju méjì lọ: tí nọ́ńbà bá ṣìnà, kí wọ́n fi Delete pa á, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ síbi tó yẹ, tí wọ́n bá fẹ́ lẹ nǹkan, Paste Values ni. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ lè lọ sí File, Options, Advanced, kí ẹ yọ àmì kúrò lórí Enable fill handle and cell drag-and-drop. Ìyẹn á dá fífi máòsì wọ́ àpótí dúró, ṣùgbọ́n Ctrl+X ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà àtitì í wá nìyí. Ẹ mú A5:E34, G5:G34 àti I5:I34 papọ̀, ẹ di Ctrl mú bí ẹ ṣe ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ lọ sí Protection, ẹ yọ àmì Locked. Lẹ́yìn náà, Review, Protect Sheet. Nínú àwọn ohun tí ẹ máa gbà láàyè, Select unlocked cells nìkan ni kí ẹ fi àmì sí. Tab á máa gbé òṣìṣẹ́ láti àpótí tó ṣí dé èyí tó ṣí. Ẹ tún tẹ Protect Workbook, ẹ mú Structure, nítorí pé ẹni tí kò lè yí nǹkan kan padà nínú ṣíìtì tó wà ní títì ṣì lè yí orúkọ ṣíìtì náà padà tàbí kó gbé e pamọ́ tí ẹ ò bá ṣe èyí. Tí ẹ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan má lè fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn, Allow Edit Ranges ń fún apá kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, àmọ́ orí àpótí tí Locked wà lórí rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Àpótí tó ṣí sílẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lójú tiwa, kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní ṣíìtì tirẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì fi páswọ́ọ̀dù ṣíìtì ṣe ààbò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jí owó. Fáìlì .xlsx jẹ́ àkójọ fáìlì kéékèèké tí wọ́n dì pọ̀, títì ṣíìtì sì jẹ́ ìlà kan péré nínú ọ̀kan lára wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yọ ọ́ láìmọ páswọ́ọ̀dù. Àṣìṣe ọwọ́ ló wà fún. Fún èrú, inú OneDrive ni kí fáìlì náà wà, níbi tí Version History ti ń tọ́jú ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ náà ni àwọn mẹ́ta ti lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ṣì ń lo Share Workbook àtijọ́ ní láti ti ṣíìtì kí wọ́n tó pín in, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín in, Excel ò ní jẹ́ kí ẹ tì í tàbí kí ẹ ṣí i títí ẹ ó fi dá pínpín náà dúró.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹ tẹ 101 sínú C6 àti 200 sínú D5 nínú ẹ̀dà náà, kí ẹ wá gé C6 lọ sí C5. Tí F5 bá ṣírò, tí F6 sì ṣófo, ó ti ṣe é lò. Tí #REF! bá jáde, fọ́múlà kan ṣì wà tó ń pe àpótí tó ṣí sílẹ̀ lórúkọ.