Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá kò tíì kú

“Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá ò lè gba díjítà láé, ẹ gbé e dànù.”

Irọ́ ni. Dẹkódà ló ń gba ìgbì náà, tí í tú u sí èyí tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mọ̀. Ní Kétu níbí, ti ẹ̀gbọ́n mi kan ń hó ṣáá, kò sí àwòrán: inú ihò LOOP OUT ẹ̀yìn dẹkódà ni wọ́n ki wáyà bọ̀. Ihò yẹn kàn ń gbé ìgbì ẹ̀ríálì kọjá ni, láìtú u. A fi okùn olórí mẹ́ta so dẹkódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n: aláwọ̀ ìyeyè fún àwòrán, funfun fún ohùn. Ihò ohùn kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n náà ní, a fi pupa sílẹ̀. A tẹ AV, àwòrán yọ.

Bí ti yín bá ní ihò ẹ̀ríálì nìkan, ẹ ra àpótí kékeré tí ń sọ AV di ìgbì ẹ̀ríálì, kí ẹ wá ìkànnì rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.