Kí Wọ́n Tó Fẹ Etí Omi Àpápá, Kí Wọ́n Ṣírò Ọ̀nà Tí Ẹrù Ń Bá Jáde

Bí ìlà tírélà bá ti gùn dé orí afárá l'Ápápá, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ pé èbúté ti kéré, pé ó yẹ ká fẹ ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí. Etí omi Àpápá àti Tíńkáàn ti gbó lóòótọ́, ó sì yẹ ní títúnṣe. Ṣùgbọ́n títúnṣe yàtọ̀ sí fífẹ̀. Kí ìjọba tó yá owó láti fẹ̀ ẹ́, ìṣirò kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe, kó sì gbé e síta.

Ìṣirò náà dá lórí bí ẹrù ṣe lè ṣàn dé ibi tó ń lọ ní owó tó kéré jù. Ẹ fi àmì kan dúró fún èbúté, òmíràn fún ibùdó ẹrù, òmíràn fún ìlú tí ẹrù ń lọ, kí ẹ sì fa ọfà láàrin wọn, ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lórí ọfà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye kòǹtéńà tí ọ̀nà náà lè gbé lójúmọ́ àti owó tí yóò ná kòǹtéńà kan láti gba ibẹ̀. Ẹrù kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọ̀nà lè gbé lọ, iye tó bá sì wọ ibùdó kan ló gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Ohun tó kù ni ká wá ìpín tí àpapọ̀ owó rẹ̀ kéré jù.

Ká sọ pé 600 kòǹtéńà ń lọ sí Ìbàdàn lójúmọ́. Àwa la fúnra wa yan àwọn iye yìí fún àpẹẹrẹ. Etí omi Àpápá lè sọ 700 kalẹ̀. Rélùwéè láti Àpápá lè gbé 100, ní ₦300,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títì láti Àpápá lè gbé 300, ní ₦500,000. Báàjì lè gbé 150 lọ sí Ìkòròdú, kí tírélà gbà á níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Títì láti èbúté Lẹ́kkí lè gbé 200, ní ₦800,000. Nítorí pé àwọn ọ̀nà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ra wọn, èyí tó rọjú la ó kọ́kọ́ kún: rélùwéè 100, títì Àpápá 300, báàjì 150, àti 50 tó kù láti Lẹ́kkí. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ₦310 mílíọ̀nù.

Wàyí o, ẹ fẹ etí omi Àpápá láti 700 sí 900. Kí ló yí padà? Kò sí! Kòǹtéńà 550 péré ló ń bá Àpápá jáde, nítorí àwọn ọ̀nà tó ti ibẹ̀ jáde ti kún. Ṣùgbọ́n bí rélùwéè bá lè gbé ẹyọ kan sí i, ọ̀kan yóò kúrò ní Lẹ́kkí, ₦500,000 yóò sì wọlé padà. Lórí báàjì, èrè ẹyọ kan jẹ́ ₦200,000. Iye tí ààyè kan ṣoṣo tó lé lórí ọ̀nà ń mú wá yìí ló yẹ kí a fi mọ ibi tí owó ìlú yóò lọ. Kò tún dúró lójú kan: bí rélùwéè bá ti gba gbogbo 50 ti Lẹ́kkí tán, orí báàjì ni yóò ti máa gba ẹrù, èrè rẹ̀ yóò sì já sí ₦300,000.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kẹfà 2021, ó sì wọ inú èbúté Àpápá. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023 gba ọkọ̀ òkun tó tóbi ju ti Àpápá lọ, àmọ́ kò sí ojú irin tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà ìjáde ló há.

Ibì kan wà tí ìṣirò yìí ti lè parọ́ fún wa, ìyẹn ni kòǹtéńà òfìfo. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Tjalling Koopmans ń ṣírò bí ọkọ̀ òkun ṣe ń kó ẹrù, ó sì rí i pé ọkọ̀ tó bá já ẹrù tán gbọ́dọ̀ ṣófo lọ síbi tí ẹrù mìíràn wà, ìrìn òfo yẹn sì ní owó tirẹ̀. Tiwa náà nìyẹn. Kòǹtéńà 600 tó lọ Ìbàdàn gbọ́dọ̀ padà sí etí omi, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè kò tó láti kún wọn. Bí ọkọ̀ òkun bá ń kó 450 péré lọ lójúmọ́, àti èyí tó kún àti òfìfo, 150 òfìfo ń ṣẹ́kù. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, ó di 1,500, orí tírélà lẹ́bàá títì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò sì dúró sí. Títì tí a kọ 300 sí lára kò ní lè gbé 300 mọ́. Ètò ìpè tírélà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2021 lè sọ ẹni tí ìgbà rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò lè fi kún ààyè tí òfìfo ti gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán ìjọba pé, kó wo bóyá ọfà òfìfo wà nínú rẹ̀.

Àjọ tó ń bójú tó èbúté mọ iye tí ọkọ̀ ń sọ kalẹ̀, àwọn elétò tírélà mọ iye tó ń wọlé tó ń jáde, àjọ rélùwéè náà sì ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n kó wọn pọ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ wọ́n jáde lóṣooṣù: ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbé, owó orí kòǹtéńà kan, àti iye òfìfo tó padà sínú ọkọ̀ òkun. Títí ìyẹn yóò fi jáde, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọdọ̀ buwọ́ lu kọ́bọ̀ kan láti fẹ etí omi Àpápá.