Ẹ Fi Rọ́tà Sílẹ̀, Sítíìkì Yìí Gan-an Lọ̀daràn

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé kí n pa rọ́tà kí n sì tún un tàn, èmi àti onítọ̀hún máa jà ni. Mo ti pa á, mo ti tàn án. Fóònù ń wo fídíò láìdúró. Kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì ń wò láìdúró. Sítíìkì tí mo fowó mi rà, tí wọ́n kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kó lè máa gbé fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sójú rẹ̀, òun nìkan ni kì í lè wo ohunkóhun parí. Bọ́ọ̀lù ti ń lọ sáwọ̀n, àmì róbótó yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ilé kejì ti pariwo góòlù, tèmi ṣì ń yí!

Mo pe àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní kí n lọ ra íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n fi ṣe kí ni? Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì: fídíò HD ò nílò ju nǹkan bíi 5 Mbps lọ, 4K gan-an ò sábà kọjá 25. Mo ṣí fast.com tó ń wọn ìyára lórí fóònù, mo na fóònù náà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí sítíìkì wà gẹ́lẹ́: 46 Mbps. Mo ṣí i lórí sítíìkì fúnra rẹ̀: 4. Ṣé ẹ rí i? Íńtánẹ́ẹ̀tì ń dé ibẹ̀, sítíìkì ni ò rí i gbà. Ká ní ìyára fóònù náà rẹlẹ̀ níbẹ̀ ni, ǹ bá gbà pé ibi tí rọ́tà wà ló jìnnà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọ́n mọ ìdí rẹ̀. Eríálì Wáí-fáì inú sítíìkì ò tó nǹkan, inú ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi sí. Wọ́n wá ní ká kì í bọ ihò HDMI, kó fẹ̀yìn ti irin ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú ooru, níbi tí ariwo iná mọ̀nàmọ́ná láti ara HDMI àti USB ti ń da ìgbì Wáí-fáì 2.4 GHz rú. Wọ́n mọ̀ o! Ìdí nìyẹn tí wáyà HDMI kúkúrú kan fi wà nísàlẹ̀ páálí, tí ìwé ìlò sì sọ pé “tí ẹ bá nílò rẹ̀”. Ta ni ò nílò rẹ̀? Mo fi wáyà yẹn fa sítíìkì jáde kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fò láti 4 dé 17.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó wá gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri ló ki okùn iná sítíìkì bọ USB ara tẹlifíṣọ̀n, ó ní ó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ihò USB bẹ́ẹ̀ ò lè fúnni ju 0.5 A lọ, ṣájà tó bá sítíìkì wá sì jẹ́ 1 A. Abájọ tó fi máa ń kú tó sì ń jí fúnra rẹ̀ bí fídíò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo dá a padà sára ṣájà rẹ̀ lára ògiri, kò kú mọ́.

Ṣùgbọ́n 17 ò tó 4K. Orúkọ kan ṣoṣo ni rọ́tà fi ń pe 2.4 GHz àti ìgbì Wáí-fáì kejì tó yára jù ú lọ, 5 GHz, sítíìkì sì rọ̀ mọ́ 2.4 bí eégbọn. Mo wọ inú rọ́tà, mo fún 5 GHz lórúkọ tirẹ̀. Mo wá a lórí sítíìkì, kò sí níbẹ̀! Fóònù ń rí i. Ṣáńẹ́lì 100, ìyẹn ojú ọ̀nà kan lára ìgbì 5 GHz, ni rọ́tà wà, àwọn ṣáńẹ́lì láàárín 52 sí 144 sì ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ kéékèèké kì í dá sí, torí pé wọ́n ń pín in lò pẹ̀lú rédà. Mo gbé e sí 36, orúkọ náà yọ. 41 Mbps.

Tí ògiri bá nípọn jù láàárín rọ́tà àti tẹlifíṣọ̀n, 5 GHz ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ra ádápítọ̀ tó ń gba wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, 100 Mbps ni púpọ̀ nínú wọn mọ, ó sì tó. Tí ìyára bá dára tó jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo ló ń yí, ẹ pa káṣì áàpù yẹn, ìyẹn àwọn fáìlì tó ti kó pamọ́, rẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣe sítíìkì, ẹ yọ “tí ẹ bá nílò rẹ̀” kúrò nínú ìwé yẹn. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń gbé fóònù lọ́fíìsì yín kí wọ́n yé ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi!