Lẹ́tà Ọ̀ṣọ́ Kì Í Ṣe Fọ́ǹtì: Ohun tí Etí Ń Gbọ́ Níbi tí Ojú Ti Rí Ẹwà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìkéde fún ẹgbẹ́, fún ìjọ tàbí fún ìdílé ló gbà pé bí àwọn bá fi irinṣẹ́ orí ayélujára sọ àkọlé wọn di lẹ́tà nínípọn tàbí lẹ́tà oníṣọ̀nà, ìrísí rẹ̀ nìkan ni àwọn yí padà, bí ìgbà tí ènìyàn pààrọ̀ aṣọ tí ara rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Wọ́n gbà pẹ̀lú pé ẹni tí kò ríran, tí ẹ̀rọ ń bá ka ojú fóònù rẹ̀ sókè, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn tó ríran ń kà. Èrò kejì ṣìnà nítorí pé èrò àkọ́kọ́ ti ṣìnà.

Nínú Unicode, tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá ohun tí a tẹ̀ mọ̀, gbogbo àmì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà ńlá I jẹ́ `U+0049`, fọ́ǹtì yòówù tí a bá fi hàn án. Ṣùgbọ́n 𝗜 tí irinṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ń fún wa jẹ́ `U+1D5DC`, orúkọ rẹ̀ sì ni `MATHEMATICAL SANS-SERIF BOLD CAPITAL I`. Ọdún 2001 ni wọ́n fi àwọn àmì yìí kún Unicode, nítorí àwọn onímọ̀ ìṣirò, tí lẹ́tà nínípọn àti lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ lè dúró fún ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìṣirò kan ṣoṣo. Irinṣẹ́ náà kò mú lẹ́tà wa nípọn rárá. Ó yọ ọ́ kúrò ni, ó sì fi àmì ìṣirò tó jọ ọ́ sí ààyè rẹ̀.

Fún àwa tí a ń kọ Yorùbá, ọ̀ràn náà tún burú sí i. Inú àwọn àmì ìṣirò yẹn kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì ní fáwẹ́ẹ̀lì tó gbé àmì ohùn lórí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fo àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, wọn a sì yí èyí tó kù. Ẹ wo ìkéde kékeré yìí:

```
🔥🔥🔥🔥🔥🔥
Ì𝗽à𝗱é Ẹ𝗴𝗯ẹ́
══════════
➤ 𝗔𝗮𝗴𝗼 𝟰 ì𝗿ọ̀𝗹ẹ́
```

Ẹni tó ríran kà á láìní wàhálà, bóyá kó kàn ṣàkíyèsí pé àwọn lẹ́tà kan tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí etí yóò gbọ́ dá lórí ẹ̀rọ tó ń kà á àti ohùn tí ẹni náà yàn sórí rẹ̀. Ohùn mìíràn kò mọ àmì ìṣirò wọ̀nyí, yóò sì fò wọ́n láìsọ nǹkan kan. Níbi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, àkọlé náà yóò di «Ì, à, é, Ẹ, ẹ́»: gbogbo kọ́ńsónáǹtì ti lọ, fáwẹ́ẹ̀lì nìkan ló kù. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn, «ì, ọ̀, ẹ́» ni yóò kù. 𝟰 náà kì í ṣe nọ́ńbà 4 tí a ń tẹ̀, `U+1D7F0` ni, nítorí náà aago ìpàdé ti bá ìyókù lọ. Èyí ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù. Ìdákẹ́ kì í ké.

Ẹ̀rọ mìíràn mọ àwọn àmì náà, ó sì ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin bíi 𝗔𝗮𝗴𝗼 yóò wá di orúkọ gígùn mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn, kí a tó dé orí nọ́ńbà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti ka iná lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọfà kékeré yẹn náà ní orúkọ, `BLACK RIGHTWARDS ARROWHEAD`, bẹ́ẹ̀ ni ìlà méjì tó ń ya àkọlé sọ́tọ̀. Àwọn kan ti ṣètò ẹ̀rọ wọn kó má ka irú àmì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba pé kó gbọ́ gbogbo àmì, bí ẹni tó ń kọ kóòdù tàbí tó ń tún ìwé ẹlòmíràn ṣe, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan tó ní TalkBack, ètò tó ń ka ojú fóònù Android sókè, máa ń dáhùn pé, «Mo tan TalkBack lórí fóònù mi, ó sì kà á dáadáa.» Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan ti ń dá àmì wọ̀nyí padà sí lẹ́tà gidi kí wọ́n tó kà wọ́n. NVDA, tó wà fún Windows, fi irú ètò bẹ́ẹ̀ kún un ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n fún ohùn, ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ tan án fúnra rẹ̀. Ètò náà kò sì lè dá ohun gbogbo padà. Unicode so 𝗔 mọ́ A, ṣùgbọ́n kò so ᴀ kékeré àti 🅐 inú róbótó dúdú mọ́ ọn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, fóònù ẹni tó kọ ìkéde kọ́ ni yóò kà á. Ìkéde tí a kọ sórí WhatsApp lónìí lè di ìmeèlì lọ́la, kí ẹnìkan tún fi ránṣẹ́ sórí fóònù àtijọ́. Lórí ojúlé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó lè fi `aria-hidden="true"` sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo ọ̀ṣọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ibi tí yóò dé, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a tẹ̀ ni yóò máa rìn kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè bi Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, léèrè:

```
print(ascii("𝗔𝗮𝗴𝗼"))
```

Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà gidi, `'Aago'` ni yóò jáde. Ti òkè yìí yóò mú `'\U0001d5d4\U0001d5ee\U0001d5f4\U0001d5fc'` jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé ká kúkú pa àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tì. Òótọ́ ni pé ohùn tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣi ẹ àti ọ pè, ṣùgbọ́n lẹ́tà èdè wa ni wọ́n, ibi tó sì yẹ kí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ náà ló yẹ kó kọ́ wọn. Ìkéde wa lè rí báyìí:

```
ÌPÀDÉ ẸGBẸ́
Aago 4 ìrọ̀lẹ́ 🔥
```

Lẹ́tà ńlá àti ìlà tirẹ̀ ló ya àkọlé sọ́tọ̀. Emójì kan ṣoṣo ló kù, ó sì wà lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ ti mú aago náà kó tó dé ibẹ̀. Bí àkọlé bá gbọ́dọ̀ nípọn lórí WhatsApp, ẹ fi ìràwọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, `*ÌPÀDÉ ẸGBẸ́*`. Bí ìkéde náà bá dé ibi tí kò mọ ìràwọ̀ yẹn, ohun tó burú jù ni pé ẹ̀rọ yóò pe ìràwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìpàdé yóò sì wà láàárín wọn ní odindi.