Páálí tí Alhaja kò rí

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi yóò bá mi jiyàn. Ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà inú páálí ní oṣùwọ̀n ńlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin níbí, èmi ni mo ń tọ́jú dátábéèsì wọn. A ní sítọ́ọ̀ ní Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tí ẹni tí kò mọ kọ́òdù rárá lè kọ ìbéèrè sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí ẹ̀rọ náà yóò sọ ìbéèrè di SQL, èdè tí dátábéèsì ń gbọ́, tí yóò sì lọ mú ìdáhùn wá látinú dátábéèsì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Tẹ́lẹ̀, èmi ni gbogbo ìbéèrè ń bá. Mo lè ti ṣe àlùwàlá tán lọ́jọ́ Jímọ̀, kí fóònù dún: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iye tí Ọ̀ffà tà.”

Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń bẹ̀rù ni pé kí ẹnì kan má lọ fi ìbéèrè pa nǹkan rẹ́. Ìyẹn kọ́ ló kọlù wá. Iye owó tó ṣìnà, tó sì dà bí òótọ́, ló kọlù wá.

Mánéjà títa ọjà béèrè pé: “Èló ni a tà ní Ọ̀ffà lóṣù tó kọjá?” Ìdáhùn jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nọ́ńbà gbọọrọ kan, kò sí ariwo, kò sí àṣìṣe pupa kankan lójú ẹ̀rọ. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ti ń sọ pé kí wọ́n kó ọjà kún ọjà lọ sí Ọ̀ffà. Alhaja tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ló dá a dúró. Ó ṣí ìwé rẹ̀, èyí tó ń fi bíro kọ, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Páálí tó máa mú owó yẹn wá kò jáde níwájú mi. Àbí ẹlòmíì tún ń ṣí sítọ́ọ̀ lẹ́yìn mi ni?”

Wọ́n pè mí. Ohun tí ẹ̀rọ kọ nìyí:

```sql
SELECT SUM(i.iye)
FROM invoice i
JOIN isanwo s ON s.invoice_id = i.id
WHERE i.eka = 'Offa';
```

(Mo ti yọ ibi tó ti mú ọjọ́ kúrò, nítorí ibẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe wà.) Ẹ ò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀, àbí? Ó so tébù ọjà tí a tà mọ́ tébù owó tí wọ́n san, ó sì ro iye ọjà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn oníbàárà wa ní Ọ̀ffà mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sanwó. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ọjà mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́ jẹ́ ₦240,000, oníbàárà san án lẹ́ẹ̀mẹta: ₦100,000, ₦80,000, ₦60,000. Èkejì jẹ́ ₦150,000, ó san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ₦300,000, ó kó ọjà lọ láwìn, kò tíì san kọ́bọ̀. Ọjà tí a tà lóòótọ́ jẹ́ ₦690,000. Nígbà tí ẹ̀rọ so tébù méjèèjì pọ̀, ìwé àkọ́kọ́ yọ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìsanwó mẹ́ta, ó di ₦720,000. Èkejì dúró bó ṣe wà. Ẹ̀kẹta kò rí ìsanwó tí yóò so mọ́, ó pòórá pátápátá. Àròpọ̀ jẹ́ ₦870,000. Ẹ wò ó dáadáa: ibì kan wú, ibì kan sọnù, láìsí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi ojú lásán mọ̀. Bí awìn bá pọ̀ lóṣù kan, iye náà lè kéré ju òótọ́ lọ. Bí ìsanwó díẹ̀díẹ̀ bá pọ̀, yóò wú. Bí méjèèjì bá sì bára mu lóṣù kan, á sún mọ́ òótọ́, ìyẹn ló wá burú jù, nítorí pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa gba ẹ̀rọ gbọ́.

Àwọn kan ní kí n kàn kọ ọ́ sínú ìlànà ẹ̀rọ pé “má ṣe ka ìwé ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì.” Mo kọ ọ́. Ó gbọ́ lọ́jọ́ méjì, ó gbàgbé lọ́jọ́ kẹta. Ìlànà tí a kọ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Bí nǹkan bá ṣe pàtàkì, inú dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni kí a ti dí i. Mo wá ṣe fèrèsé kan, ohun tí PostgreSQL ń pè ní `VIEW`, tí ìwé ọjà kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà kan ṣoṣo, tí owó tí wọ́n ti san lórí rẹ̀ sì ti rò pọ̀ kí ẹ̀rọ tó débẹ̀:

```sql
CREATE SCHEMA iroyin;
CREATE VIEW iroyin.tita AS
SELECT i.id, i.ojo, i.eka, i.iye,
       COALESCE((SELECT SUM(s.owo) FROM isanwo s
                 WHERE s.invoice_id = i.id), 0) AS ti_san
FROM invoice i;
```

Ìwé aláwìn kò lè pòórá mọ́, òdo ni yóò wà níwájú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n san lẹ́ẹ̀mẹta kò lè yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo ti ilẹ̀kùn tó kù. Mo dá orúkọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan, mo sì jẹ́ kó rí fèrèsé, kó má rí inú ilé:

```sql
CREATE ROLE ibeere LOGIN;
GRANT USAGE ON SCHEMA iroyin TO ibeere;
GRANT SELECT ON ALL TABLES IN SCHEMA iroyin TO ibeere;
ALTER ROLE ibeere SET statement_timeout = '15s';
```

Inú `iroyin` yẹn, fèrèsé mẹ́rin péré ló wà: títà, gbèsè, ọjà inú sítọ́ọ̀, àti oníbàárà láìsí nọ́ńbà fóònù wọn. Tébù gidi kò sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rárá. Bó bá tiẹ̀ kọ `DELETE`, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé kò láṣẹ.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, èyí tó ní kí ìbéèrè dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ má fọkàn tán an jù. Ẹni tó bá ti wọlé pẹ̀lú orúkọ yẹn lè fi `SET` yí i padà fúnra rẹ̀. Bíréèkì ni, kì í ṣe ògiri. Ó wúlò fún ìbéèrè tí ẹnì kan fi àìmọ̀ béèrè, irú bíi “gbogbo ọjà tí gbogbo ènìyàn ti rà láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀.” Ohun tó dáàbò bo àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ni pé mo gbé ẹ̀rọ lọ sórí ẹ̀dà dátábéèsì kejì, èyí tó kàn ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, tí kò sì gba kíkọ kankan. Kí ìbéèrè wúwo tó bá ti fẹ́ lóhùn-ún, risíìtì ń jáde níbí.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló wá fa àríyànjiyàn jù láàárín èmi àti ọ̀gá. Kí n tó ṣe àwọn fèrèsé yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ fún wa kọ ọ́ sínú ìlànà pé kó má sọ owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ó sì gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì béèrè iye tí a ń ná lórí akáńtáǹtì ní Òmù-Àrán lóṣù. Àròpọ̀ ló béèrè, kò béèrè owó oṣù ẹnì kankan, ẹ̀rọ sì fún un ní àròpọ̀. Akáńtáǹtì kan ṣoṣo ló wà ní Òmù-Àrán. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ọ́fíìsì ti mọ iye tí arábìnrin náà ń gbà. Ojú tì mí nígbà tó pè mí.

Ọ̀gá ní kí n ṣe é pé bí àwọn tó wà nínú àròpọ̀ bá dín ní márùn-ún, kí ìdáhùn má jáde. Mo sọ fún un pé ìyẹn nìkan kò tó. Ẹni tó bá gbọ́n yóò béèrè àròpọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ Òmù-Àrán, yóò tún béèrè ti gbogbo wọn yàtọ̀ sí akáńtáǹtì. Méjèèjì kọjá márùn-ún. Yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó tán. Ní tèmi o, owó oṣù àti àkọsílẹ̀ ìlera òṣìṣẹ́ kò ní ohunkóhun í ṣe nínú irú ẹ̀rọ yìí, bí a ti wù ká bò ó tó. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, ojú arábìnrin yẹn ni mo ń rí. Ọ̀gá kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ mi yìí, ó ní òun lòun ni ilé iṣẹ́. Mo ní bó bá fẹ́ rí owó oṣù, kó pe akáńtì. Ó pè wọ́n. Kò pẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí fèrèsé kò lè tún ṣe, ìyẹn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí mánéjà bá ní “oṣù tó kọjá”, ọjọ́ kìíní sí ìparí oṣù ló ní lọ́kàn. Ní akáńtì wa, ọjọ́ 26 ni oṣù ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, mo ní kí ìdáhùn kankan má jáde ní nọ́ńbà níhòòhò. Lábẹ́ iye, ó gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tó mú, ẹ̀ka tó mú, àti iye ìwé ọjà tó kà. Ìyẹn tó kẹ́yìn yẹn ni Alhaja fẹ́ràn jù, nítorí ó lè fi wé ìwé tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kà 412, tí òun sì ní 398, ó mọ̀ pé ìjà ti dé.

Èmi àti akáńtáǹtì náà sì jókòó, a kọ ìbéèrè ogún sílẹ̀ tí òun ti fi ọwọ́ ṣírò ìdáhùn wọn lórí oṣù kan tí a ti tì pa. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan lára ẹ̀rọ, ogún yẹn la kọ́kọ́ ń bi í. Bó bá kùnà ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa lò ó lọ́jọ́ náà. Lóṣù tó lọ, ó kùnà méjì: ó ka ọjà tí wọ́n dá padà mọ́ èyí tí a tà. Ọjọ́ méjì ni mánéjà fi ń pè mí lórí fóònù bíi tàtijọ́. Mo dá a lóhùn, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo bá a wò ó.