Ìwé Tí Wọ́n Kọ Lẹ́yìn Ìwé Wá-Wí-Tẹnu-Ẹ Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Bí akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba kan bá dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, tó sì gbé ìwé kan kalẹ̀ tí kò sí nínú fáìlì ní ọjọ́ tí àwọn ọ́dítọ̀ wá, ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà gan-an ló yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Lójú tiwa, kò yẹ kí ìgbìmọ̀ kankan wọ́gi lé ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ tí àwọn ọ́dítọ̀ kọ nítorí ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, àyàfi bí àwọn òṣìṣẹ́ Ọ́dítọ̀ Àgbà bá ti lọ fojú ara wọn rí ohun tí ìwé náà ń sọ.

Abala 125 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló la ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà. Akáǹtáǹtì Àgbà ìpínlẹ̀ á fi ìṣirò owó ọdún ránṣẹ́ sí Ọ́dítọ̀ Àgbà, Ọ́dítọ̀ Àgbà sì gbọ́dọ̀ gbé ìjábọ̀ tirẹ̀ síwájú Ilé láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gbà á, kí Ilé tó fà á lé ìgbìmọ̀ yìí lọ́wọ́. Abala 129 fún ìgbìmọ̀ lágbára láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, àti láti ní kí wọ́n lọ mú un bó bá kọ̀ tí kò sì ní àwáwí tó yè kooro. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́. Kò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n lórí ohun tó bá rí nínú ìṣirò. Ohun tó lè ṣe ni kó wádìí, kó sọ ohun tó rí, kó sì dámọ̀ràn ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìdí nìyí tí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ múná.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀ pé ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ kì í ṣe tuntun sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ ń yẹ ìwé wò ní iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, wọ́n sì fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní iye ọjọ́ tí wọ́n á fi fèsì. Èyí tí èsì rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ibẹ̀ ló parí sí. Èyí tí wọn kò dáhùn, tàbí tí èsì rẹ̀ kò mú ẹ̀rí dání, ló ń wọ inú ìjábọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwé tí wọ́n ń béèrè ti ní àǹfààní láti wá a tẹ́lẹ̀, kò sì rí i nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní iléeṣẹ́ kan san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní oṣù Kẹta fún 400 bẹ́ǹṣì, ₦25,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, àádọ́ta fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ ṣí fáọ́ṣà náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí ìwé tí kọngilá fi béèrè owó, wọ́n rí ìbuwọ́lù àwọn tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé ẹrù-wọlé tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ máa ń kọ láti fi hàn pé ẹrù dé. Wọ́n béèrè. Èsì kò wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìjábọ̀.

Ní ọjọ́ ìjókòó, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ka ìpínrọ̀ náà sókè. Akọ̀wé àgbà, pẹ̀lú ọ̀gá tó ń mójú tó owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fèsì pé ìwé náà ṣì wọ inú fáìlì mìíràn ni, ó ti jáde báyìí, ó sì nà án síwájú alága. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 0071, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára sì ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí alága bá dúpẹ́ tó sì ní kí wọ́n lọ sí ìpínrọ̀ tó kàn, ọ̀rọ̀ parí, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sì ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n gbé odindi ìwé tí wọ́n ti já ewé náà wá, ẹ̀dà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Ẹ̀dà 0070 ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ lára, 0072 sì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ. Báwo ni ewé àárín wọn ṣe jẹ́ ti oṣù Kẹta? Wọ́n tún lè ṣí lẹ́jà sítọ́ọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìlà kankan wà nínú oṣù Kẹta tó sọ pé 400 bẹ́ǹṣì wọlé.

A kò sọ pé gbogbo ewé tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tò jẹ́ ayédèrú. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ mìíràn ń lo ìwé méjì pọ̀, ẹlòmíràn sì ń kọ ohun tó yẹ kó kọ lánàá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé nìkan kò fi tó. Kí wọ́n fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí wọ́n ka bẹ́ǹṣì, èyí tó ti kán pẹ̀lú, kí wọ́n sì wo ìwé ohun ìní tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá rí 310, a jẹ́ pé àádọ́rùn-ún kò dé. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ náà á dúró lórí ₦2,250,000, á sì kúrò lórí ìyókù, nítorí òdodo ni pé ẹrù tó dé dé, bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wọ́.

Àwọn akọ̀wé àgbà kan máa ń ráhùn pé ọdún tí wọ́n ń bi àwọn léèrè rẹ̀, àwọn kọ́ ló wà lórí àga. Ẹjọ́ wọn ní ìtumọ̀, pàápàá níbi tí ìjábọ̀ ti pẹ́ kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀, tí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí fáọ́ṣà ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ipò ni ìgbìmọ̀ ń bi léèrè. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ gba fáìlì pẹ̀lú, bí fáìlì bá sì ti sọnù kó tó dé, ìwé tó fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kó fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ sì lágbára láti pe ẹni tó ti fẹ̀yìn tì náà.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó. Ìwé òfin fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ní 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ kankan fún ìgbìmọ̀ láti parí iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì dá ọjọ́ fún ìjọba láti sọ ohun tó ṣe sí àbá tí Ilé bá fọwọ́ sí. Ní Ìlú Ọba, níbi tí irú ìgbìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, àṣà wọn ni pé ìjọba á fèsì lórí àbá kọ̀ọ̀kan ní ìwé, láàárín nǹkan bí oṣù méjì, fún gbogbo ènìyàn láti kà. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọ̀ọ̀kan kọ irú rẹ̀ sínú ìlànà ìjókòó rẹ̀: kí ìgbìmọ̀ gbé àbájáde wá síwájú Ilé kí ìjábọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé, kí kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná sì fèsì láàárín 60 ọjọ́. Lórí bẹ́ǹṣì àpẹẹrẹ wa, èsì náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó san ₦2,250,000 padà, ọjọ́ tó san án, àti nọ́ńbà rìsíìtì tí àpò ìjọba fún un, kí Ọ́dítọ̀ Àgbà lè wo rìsíìtì náà nígbà tó bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.